Fọ́tò ìbéèrè ìdánwò tó ṣú: ìgbà wo ló ṣeé dáhùn, ìgbà wo ló yẹ ká dá a padà?

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, fóònù àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Ará, ní Ẹdẹ àti ní agbègbè wọn kì í sinmi mọ́. Ọmọ tó jókòó ti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lálẹ́, tí ìbéèrè kan bá ti dí i lọ́nà, kì í dúró di ọjọ́ kejì. Á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nọ́ḿbà 14." Iná lè má sí, kó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì ni wọ́n fi tàn án. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, ìwé náà ká kò, apá kan sì ti bọ́ síta àwòrán. Ohun tó máa dé ọwọ́ olùkọ́ ni ìbéèrè kan tó ṣeé kà díẹ̀, tí kò ṣeé kà díẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Fọ́tò tí kò ṣeé kà rárá kì í da ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni olùkọ́ máa sọ pé kí ọmọ náà tún un yà. Èyí tó léwu ni fọ́tò tó dà bíi pé ó ṣeé kà. Olùkọ́ á wò ó, á fi òye rẹ̀ dí àlàfo tó wà níbẹ̀ láìmọ̀, á sì dáhùn ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Ọmọ náà á fi ìdáhùn yẹn wé èyí tó wà lẹ́yìn ìwé, á rí i pé wọn ò bára mu, á sì gbà pé òun ni kò lóye. Tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé náà lè má ní ìdáhùn lẹ́yìn, kí ọmọ náà gbé àṣìṣe yẹn sórí, kó sì gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ká tó lọ jìnnà, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá là ń sọ o. Fọ́tò tó bá dé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, nígbà tí àwọn ọmọ ti jókòó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. WAEC kò gba fóònù láyè nínú gbọ̀ngàn, bó tilẹ̀ mọ́ kedere bíi dígí kò sí ohun tó kan olùkọ́ rere níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àti àmì ìṣirò kì í bàjẹ́ bákan náà. Bí fọ́tò bá ṣú, tí èèyàn sì rí "Adé ra ọsàn m_jọ ní ọj_", kò sí ẹni tó máa béèrè lẹ́tà tó sọnù. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ti sọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbólóhùn máa ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ka lẹ́tà àtijọ́ tí yíǹkì rẹ̀ ti ń parẹ́. Nọ́ḿbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé Adé ra ọsàn 3_, kò sí ohunkóhun nínú gbólóhùn náà tó lè sọ bóyá 30 ni, tàbí 36, tàbí 38. Àmì máínọ̀ọ̀sì tún burú ju nọ́ḿbà lọ, nítorí nọ́ḿbà tó ṣú máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ síbi tó wà, èèyàn á mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Máínọ̀ọ̀sì tó parẹ́ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ pé òun pàdánù ohun kan.

Ká wo bí ó ṣe ń parẹ́. Fọ́tò inú fóònù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó so pọ̀, ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ni wọ́n tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kámẹ́rà fóònù òde òní lè to ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí WhatsApp bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tó máa ń gbà ṣe é, ó máa ń dín in kù kó má baà jẹ dátà. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kì í sábà ju nǹkan bíi píksẹ́lì 1600 lọ. Ojú ìwé A4 gùn tó sẹ̀ńtímítà 29.7. Tí ojú ìwé náà bá kún fọ́tò láti òkè dé ilẹ̀, a jẹ́ pé sẹ̀ńtímítà kan gba nǹkan bíi píksẹ́lì 54, mìlímítà kan sì gba márùn-ún lé díẹ̀.

Lẹ́tà kékeré nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ga tó nǹkan bíi mìlímítà 2, èyí túmọ̀ sí píksẹ́lì 10 tàbí 11. Ìyẹn ṣì ṣeé kà. Nọ́ḿbà kékeré tó wà lókè ọ̀rùn lẹ́tà, irú èyí tó wà nínú x², ga ju ìdajì ìyẹn lọ díẹ̀, kò ju píksẹ́lì 6 lọ. Pẹ̀lú píksẹ́lì 6, 2 àti 3 ti ń jọra. Pọ́ìntì tó wà láàárín 2.5 kò ju píksẹ́lì 2 lọ. Máínọ̀ọ̀sì ńkọ́? Ó gùn dáadáa, ṣùgbọ́n sísanra rẹ̀ kò ju píksẹ́lì kan lọ. Bí ọwọ́ ọmọ náà bá gbọ̀n díẹ̀ lókè sódò, píksẹ́lì kan yẹn á tàn ká ara funfun ìwé, kò sì ní sí mọ́. Tí tábìlì, ẹsẹ̀ ọmọ àti igun àga bá tún wà nínú àwòrán, tí ìwé náà kò gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí èèyàn pín gbogbo nọ́ḿbà tó wà lókè yìí sí méjì.

Ọ̀nà tí fóònù ń gbà fi fọ́tò pamọ́ tún dá kún un. Ó máa ń pín in sí igun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní òró, á wá sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣókí. Ohun tó bá kéré jù ló kọ́kọ́ máa fò dá. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tó ti lọ láti gúrúùpù kan sí òmíràn, tí ẹnì kan ti ya sìkíríìnṣọ́ọ̀tì rẹ̀, tí ẹlòmíràn tún gé e, fi máa ń ní èérí yí lẹ́tà ká bí ẹni tó fi ọwọ́ tútù pa yíǹkì. Fífẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka méjì kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Ó kàn ń sọ èérí kékeré di èérí ńlá ni.

Nígbà náà, báwo ni olùkọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá fọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ ṣì ní àmì wọ̀nyí nínú? Ọ̀nà kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí ó wá ohun tó mọ̀ dájú nínú fọ́tò náà, kó fi dán an wò.

Àmì dọ́gba, =, ló dára jù. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìlà méjì ló ní. Kí olùkọ́ fẹ àwòrán náà, kó wo àmì dọ́gba tó wà nínú ìbéèrè náà gan-an. Tó bá rí ìlà méjì tí funfun wà láàárín wọn, a jẹ́ pé fọ́tò náà lágbára láti gbé máínọ̀ọ̀sì. Tí ìlà méjèèjì bá ti lẹ̀ mọ́ra di àbàwọ́n kan, kò gbọdọ̀ gba pùlọ́ọ̀sì tàbí máínọ̀ọ̀sì kankan gbọ́ níbẹ̀, bó ti wù kó dá a lójú tó. Ti nọ́ḿbà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nọ́ḿbà ìbéèrè máa ń tẹ̀lé ara wọn: lẹ́yìn 12 ni 13, lẹ́yìn 17 ni 18. Nítorí náà, olùkọ́ lè wo bí 3 inú 13 àti 8 inú 18 ṣe rí nínú fọ́tò kan náà. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kí ló dé tó fi máa gbàgbọ́ pé 3 ni èyí tó wà nínú ìṣirò? Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣọ́ ni pé ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí ìbéèrè tó ń wò. Fọ́tò lè mọ́ láàárín kó ṣú ní igun, pàápàá bí ìwé náà bá ká.

Ká fi ìbéèrè kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọmọ kan fi fọ́tò ránṣẹ́, tí ohun tí olùkọ́ rí sì rí báyìí, tí àbàwọ́n kan wà láàárín x² àti 5x:

```
x² ? 5x + 6 = 0
A. 2, 3    B. −2, −3    C. 1, 6    D. −1, −6
```

Wọ́n ní kí ọmọ náà wá x. Olùkọ́ tó gbọ́n á sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Máínọ̀ọ̀sì ni, irú rẹ̀ ló máa ń wà nínú ìwé." Yóò wá nọ́ḿbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 5, á rí 2 àti 3. Á wo ìdáhùn, á rí A. Ara á tù ú: ìdáhùn òun wà níbẹ̀, òun ti kà á dáadáa nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí ó gbìyànjú pùlọ́ọ̀sì. Ìdáhùn á di −2 àti −3, B nìyẹn, òun náà wà níbẹ̀. Ó tún kù. Ká sọ pé ibi tí ìwé ti ṣẹ́ po gba ìsàlẹ̀ nọ́ḿbà 5 yẹn kọjá, tó fi jẹ́ pé òkè rẹ̀ nìkan ló hàn. Òkè 5 àti òkè 7 jọra, igi kan ló dábùú sórí àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ 7 ni, tí àmì náà sì jẹ́ máínọ̀ọ̀sì, ìdáhùn á di 1 àti 6, C nìyẹn. Pẹ̀lú pùlọ́ọ̀sì, á di −1 àti −6, D nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà ka ìlà kan yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì bọ́ sórí ìdáhùn kan pẹ́kípẹ́kí.

Kì í ṣe èèṣì. Bí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà kì í ṣe nọ́ḿbà tí wọ́n kàn já láti ojú ọ̀run, ohun tí ọmọ máa rí bó bá ṣe àṣìṣe tí wọ́n ti mọ̀ ni: ọmọ tó gbàgbé máínọ̀ọ̀sì, ọmọ tó ṣi nọ́ḿbà kọ, ọmọ tó rò pọ̀ dípò kó sọ di púpọ̀. Fọ́tò tó ṣú sì máa ń ṣe irú àṣìṣe wọ̀nyẹn gan-an. Òun náà ń gbàgbé máínọ̀ọ̀sì, òun náà ń ṣi nọ́ḿbà kọ. Nítorí náà, pé ìdáhùn olùkọ́ wà lára A sí D kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ka ìbéèrè náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó mọ ìṣirò dunjú ló ń kó sí pàkúté yìí, nítorí pé wọ́n yára, kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ̀.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo fọ́tò tó ní àbàwọ́n ni kí wọ́n dá padà. Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ ni: ọ̀nà mélòó ni mo lè gbà ka ibi tó ṣú yìí, mélòó nínú wọn ló sì dé orí ìdáhùn kan? Wo èyí: igun mẹ́ta onígun déédé kan, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 8, èkejì ṣú, ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 6, ó lè jẹ́ 8. Wọ́n ní kí ọmọ wá ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Àwọn ìdáhùn tó hàn kedere ni 7, 10, 14 àti 48. Bó bá jẹ́ 5, ẹ̀gbẹ́ náà á jẹ́ √89, tí kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 8, á jẹ́ √128, òun náà kò sí. Bó bá jẹ́ 6, 36 àti 64 jẹ́ 100, ìdáhùn jẹ́ 10, B. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ilé. Ìyẹn ṣeé dáhùn, bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ náà pé, "6 ni mo kà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wo ìwé rẹ bóyá bẹ́ẹ̀ ni." Gbólóhùn yẹn kò gba ìṣẹ́jú kan, ọmọ tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa parí iṣẹ́ náà.

Èyí tí fọ́tò gé ní tirẹ̀ le ju èyí tó ṣú lọ, nítorí ohun tó ṣú ń fi ara rẹ̀ hàn, ohun tí wọ́n gé kò sí níbẹ̀ láti fi nǹkan kan hàn. Gígé tó burú jù ni èyí tó fi ìbéèrè sílẹ̀ bí ẹni pé ó pé. Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà ìtọ́ni kan ló máa ń wà lókè fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Apá kan á ní kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí tí wọ́n fàlà sí jù lọ ní ìtumọ̀, apá mìíràn á ní kó mú èyí tó jẹ́ òdì kejì rẹ̀. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí túmọ̀ sí ọ̀làwọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin túmọ̀ sí ẹni tó lawọ́, kí òmíràn sì túmọ̀ sí ahun. Ọmọ tó ya nọ́ḿbà 23 nìkan ti gé ìlà ìtọ́ni náà kúrò láìmọ̀. Fọ́tò rẹ̀ mọ́, ìbéèrè náà pé, ìdáhùn méjì ló sì tọ̀nà, ó kù sọ́wọ́ ìlà tí kò sí níbẹ̀. Bí ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ náà bá tún ti parẹ́, olùkọ́ kò tiẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè.

Ní físíìsì, ohun tí wọ́n sábà máa ń gé ni ìparí ìbéèrè, níbi tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n agbára òòfà ilẹ̀ tí ọmọ máa lò. Ohun tó wúwo tó kílò 5 máa fún ilẹ̀ ní agbára 50 N bí wọ́n bá ní g = 10 m/s², á jẹ́ 49 N bí wọ́n bá ní 9.8 m/s². Bí méjèèjì bá wà nínú ìdáhùn, ìlà tí wọ́n gé yẹn ni gbogbo ìbéèrè náà.

Àwọn àmì kan wà tí olùkọ́ lè fi mọ̀ pé wọ́n ti gé nǹkan. Kó wo bóyá ìbéèrè náà ní nọ́ḿbà tirẹ̀ lápá òsì. Kó ka ìdáhùn, bóyá wọ́n pé mẹ́rin, nítorí pé D ló máa ń wà nísàlẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ síta. Kó wo bóyá gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Kó wo bóyá ó mẹ́nu ba "àwòrán òkè yìí", tábìlì, tàbí àyọkà tí kò hàn. Bí gbogbo ìlà bá sì parí síbi kan náà ní etí fọ́tò, láìsí àlà funfun, kó fura: ìwé tí wọ́n tẹ̀ máa ń ní àlà funfun létí. Àwọn fóònù kan wà tó máa ń gé etí ìwé fúnra wọn bí èèyàn bá lo ibi tí wọ́n ti ń ya ìwé, ọmọ náà lè má mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ.

Ìdánwò èdè Yorùbá ni kò sẹ́ni tó ń rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe máínọ̀ọ̀sì ló ń ṣe àmì ohùn. Àmì abẹ́ ọ tóbi tó pọ́ìntì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi máínọ̀ọ̀sì. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ sọ ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan, tí fọ́tò sì fi "igba" nìkan hàn, ó lè jẹ́ igba tí í ṣe iye, igbá tí wọ́n fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àsìkò, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. "Owo" náà ńkọ́? Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀. Nínú àyọkà gígùn, gbólóhùn á sọ èyí tó jẹ́. Nínú ìbéèrè lórí ohùn, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá dúró, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan. Ẹ̀rí tí olùkọ́ lè lò níbí ni àmì kékeré tó máa ń wà lórí i tí kò ní ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Bí àmì yẹn kò bá hàn lórí i kankan nínú fọ́tò náà, kò sí bí èèyàn ṣe lè gba àmì abẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ gbọ́.

Bí ó bá ti wá dájú pé fọ́tò náà kò tó, bí olùkọ́ ṣe máa dá a padà ṣe pàtàkì. "Kò clear, tún un yà" tí wọ́n sábà máa ń kọ kì í yanjú nǹkan. Ọmọ náà á tún un yà bó ṣe yà á tẹ́lẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kan náà, ọwọ́ kan náà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí olùkọ́ sọ ohun tó bà á jẹ́, èyí tí fọ́tò náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Bí lẹ́tà bá ní òjìji sí apá kan ṣoṣo, ọwọ́ ló gbọ̀n: kí ọmọ náà fi ìgúnpá ti tábìlì. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀ bí òwú, tí àwọ̀ tábìlì ẹ̀yìn ìwé sì mọ́ ju ìwé lọ, kámẹ́rà ló wo ibòmíràn tàbí ó sún mọ́ ìwé jù: kó sún un sẹ́yìn díẹ̀, kó sì fi ìka tẹ ojú fóònù síbi tí ìbéèrè wà kó tó yà á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rondo bí òṣùpá sórí ìwé, tọ́ọ̀ṣì ni: kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó dúró di òwúrọ̀ létí fèrèsé. Bí gbogbo àwòrán bá ní ìkùukùu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró ọwọ́ ló wà lójú kámẹ́rà. Aṣọ tó mọ́ ti tó. Bó bá sì jẹ́ èérí tó yí lẹ́tà ká ni, fọ́tò náà lè dára lọ́wọ́ ọmọ náà, ọ̀nà tó gbà wá ló bà á jẹ́. Kí ó fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú HD, èyí tí WhatsApp mú wá ní ọdún 2023, tàbí kó gba ibi tí wọ́n kọ Document sí, kó mú fọ́tò náà níbẹ̀, WhatsApp kò ní dín in kù.

Kó tún ya fọ́tò méjì. Àkọ́kọ́ ni ti gbogbo ojú ìwé, kí olùkọ́ lè rí ìlà ìtọ́ni àti àwòrán tó bá ìbéèrè náà lọ. Èkejì ni ti ìbéèrè kan yẹn nìkan. Ìbéèrè tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 8, tó bá kún píksẹ́lì 1600 yẹn láti òsì dé ọ̀tún, sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan á gba 200. Lẹ́tà tó jẹ́ píksẹ́lì 11 lẹ́ẹ̀kan á di 40, máínọ̀ọ̀sì tó jẹ́ ẹyọ kan á di mẹ́rin. Fóònù kan náà ni, dátà kan náà.

Bí fóònù ọmọ náà kò bá dára rárá, ẹnu ṣì wà. Kó ka ìbéèrè náà sínú fóònù bí ẹni tó ń ka ìròyìn, kó sì pe gbogbo àmì lórúkọ: "Ẹ́kìsì sìkúwéà, máínọ̀ọ̀sì fáìfù ẹ́kìsì, pùlọ́ọ̀sì síìsì, íkúàlì sí síìrò." Fọ́tò tó ṣú pẹ̀lú ohùn tó mọ́ ju fọ́tò mẹ́ta tó ṣú lọ. Olùkọ́ sì lè béèrè ọdún àti nọ́ḿbà: "WAEC ọdún wo ni? Nọ́ḿbà mélòó?" Ìṣirò ìdáhùn àṣàyàn WAEC jẹ́ ìbéèrè 50, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló sì ní ìwé àtẹ̀yìnwá nílé. Bí ó bá wò ó nínú ìwé tirẹ̀, kó fi ohun tó hàn nínú fọ́tò ọmọ náà wé e kó tó dáhùn, nítorí pé àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tà pọ̀, wọn kì í sì í tò ó bákan náà, àṣìṣe ìtẹ̀wé sì pọ̀ nínú àwọn kan ju ti fọ́tò lọ.

Ìgbà míì wà tí ìwé náà ti padà sọ́wọ́ ẹni tó yá ọmọ náà, tí fọ́tò tó ṣú yẹn nìkan ló kù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà méjì péré ló ṣeé kà, olùkọ́ lè ṣe méjèèjì fún un, kó kọ ọ́ kedere: bó bá jẹ́ máínọ̀ọ̀sì, A ni, bó bá jẹ́ pùlọ́ọ̀sì, B ni. Ọmọ náà á tiẹ̀ rí ohun kọ́ nípa bí àmì ṣe ń yí ìdáhùn padà. Bí ó bá ti di ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bíi ti àpẹẹrẹ tó ṣáájú, kò sí ìdí láti dárúkọ lẹ́tà kankan. Kí olùkọ́ gbé irú ìbéèrè kan náà kalẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà tirẹ̀, kó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì sọ fún ọmọ náà pé: "Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ nìyí. Ìdáhùn nọ́ḿbà 14 tìrẹ, mi ò lè sọ, torí mi ò rí àmì tó wà níwájú 5 yẹn. Tó o bá rí ìwé náà, wò ó, kó o ṣe é fúnra rẹ, kó o fi ránṣẹ́ sí mi."